Bí A Ṣe Ń Ṣètò Àtẹ Ilẹ̀kùn àti Fèrèsé fún Àwòrán Ilé

Àtẹ ilẹ̀kùn àti fèrèsé ni ìwé tó ń bá àwòrán ilé rìn, tó sì ń sọ gbogbo ohun tó yẹ ká mọ̀ nípa àwọn ihò tí wọ́n máa dá sílẹ̀ lára ògiri. Ó ń sọ ibi tí ihò kọ̀ọ̀kan wà, bó ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe ga tó, ohun tí wọ́n máa fi sínú rẹ̀, ọ̀nà tí ohun náà ń gbà ṣí, àti iye irú rẹ̀ tí ilé náà fẹ́ ní. Pílánì lè fi hàn pé ilẹ̀kùn kan wà láàárín pálọ̀ àti kíṣíìnì, ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá igi ni tàbí irin, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ irú kọ́kọ́rọ́ tó máa wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá kó gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sórí pílánì, kò sẹ́ni tó máa rí ìlà ògiri mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ àmì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan lórí pílánì, tí wọ́n á sì ṣàlàyé àmì náà nínú àtẹ.

Àwọn tó ń lo àtẹ yìí pọ̀, ohun tí oníkálukú wọn ń wá nínú rẹ̀ kò sì dọ́gba. Bíríkìlà fẹ́ mọ ibi tóun máa ti dáwọ́ búlọ́ọ̀kù dúró. Kápẹ́ńtà fẹ́ mọ bí férémù ṣe máa fẹ̀ tó. Oníṣẹ́ alumíníọ̀mù ń wá ìwọ̀n fèrèsé àti irú gíláàsì rẹ̀, ẹni tó ń ṣírò owó ilé sì ń wá iye gbogbo wọn. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń kà. Bí àtẹ bá kọ 900 láìsọ ohun tí 900 náà ń wọ̀n, ìtumọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa fún un, orí ògiri ni àṣìṣe náà á sì ti hàn, lẹ́yìn tí sìmẹ́ńtì ti gbẹ.

Kí àlàyé yìí lè yé ènìyàn dáadáa, a lè mú ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́ta ni, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ káàkiri Ìbàdàn. Ó ní pálọ̀, ibi ìjẹun, kíṣíìnì, yàrá ìkẹ́rùsí, ọ̀nà àárín ilé, yàrá ìsùn mẹ́ta, ilé ìwẹ̀ méjì àti ilé ìyàgbẹ́ kan fún àlejò. Búlọ́ọ̀kù onínípọn mìlímítà 225, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní náìn íńṣì, ni wọ́n fi mọ ògiri ìta. Onínípọn 150 ni wọ́n fi pín inú ilé.

Fífún ihò kọ̀ọ̀kan ní àmì

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí pílánì, kì í ṣe lórí àtẹ. Ẹni tó ń ṣètò àtẹ á bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà iwájú, á yí ilé náà po láti yàrá dé yàrá, á sì fún ihò kọ̀ọ̀kan ní àmì. Àwọn ayàwòrán ilé ní Nàìjíríà sábà máa ń lo D fún ilẹ̀kùn àti W fún fèrèsé, pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́yìn rẹ̀. Ihò méjì lè jẹ́ àmì kan náà kìkì bí wọ́n bá jọra nínú ohun gbogbo tí àtẹ ń sọ: ìwọ̀n, ohun èlò, kọ́kọ́rọ́, gíláàsì àti bí wọ́n ṣe ga kúrò nílẹ̀.

Òfin yìí ni wọ́n máa ń rú jù. Nínú ilé àpẹẹrẹ wa, ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ àti ti yàrá ìkẹ́rùsí jọ fẹ̀ ní 750, wọ́n sì jọ ga ní 2100. Ẹni tó bá wo ìwọ̀n nìkan máa pe gbogbo wọn ní D4. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ nílò ohun tí omi kò ní tètè bàjẹ́, àti ìdè tí à ń tì láti inú. Kọ́kọ́rọ́ tí à ń tì láti ìta ni ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rùsí nílò ní tirẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ àmì kan náà, ẹni tó lọ ra ọjà máa ra ẹyọ mẹ́rin tó jọra, ọ̀kan nínú wọn kò sì ní wúlò níbi tí wọ́n gbé e sí. Nítorí náà, ti ilé ìwẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́ ń jẹ́ D4, ti yàrá ìkẹ́rùsí ń jẹ́ D5.

Ihò tí kò ní ilẹ̀kùn náà gbọ́dọ̀ ní àmì. Láàárín ibi ìjẹun àti ọ̀nà àárín ilé, ẹnu ọ̀nà kan wà tí wọ́n kàn fẹ́ fi sílẹ̀ gbayawu. Nítorí pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa rà sí i, wọ́n sábà máa ń gbàgbé rẹ̀. Síbẹ̀ bíríkìlà gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n rẹ̀, ó sì nílò líntẹ̀lì lórí bíi ti ilẹ̀kùn yòókù. Nínú àtẹ yìí, ó ń jẹ́ O1.

Bí wọ́n bá ti parí yíyí ilé náà po, àtẹ náà á rí báyìí. Mìlímítà ni gbogbo ìwọ̀n, fífẹ̀ ló ṣáájú, gíga ló tẹ̀ lé e.

| Àmì | Ibi tó wà | Ihò búlọ́ọ̀kù | Ohun tó wà nínú rẹ̀ | Iye |
|---|---|---|---|---|
| D1 | Ẹnu ọ̀nà iwájú | 1200 × 2100 | Ilẹ̀kùn irin aláàbò | 1 |
| D2 | Ẹ̀yìn kíṣíìnì | 900 × 2100 | Ilẹ̀kùn irin | 1 |
| D3 | Yàrá ìsùn mẹ́ta, kíṣíìnì sí ibi ìjẹun | 900 × 2100 | Ilẹ̀kùn igi, kọ́kọ́rọ́ | 4 |
| D4 | Ilé ìwẹ̀ méjì, ilé ìyàgbẹ́ | 750 × 2100 | Ilẹ̀kùn tí omi kì í bàjẹ́, ìdè inú | 3 |
| D5 | Yàrá ìkẹ́rùsí | 750 × 2100 | Ilẹ̀kùn igi, kọ́kọ́rọ́ ìta | 1 |
| O1 | Ibi ìjẹun sí ọ̀nà àárín | 1200 × 2100 | Kò sí ilẹ̀kùn | 1 |
| W1 | Pálọ̀ | 1800 × 1200 | Alumíníọ̀mù, gíláàsì lásán | 2 |
| W2 | Yàrá ìsùn (méjì méjì), ibi ìjẹun | 1200 × 1200 | Alumíníọ̀mù, gíláàsì lásán | 7 |
| W3 | Kíṣíìnì | 1200 × 900 | Alumíníọ̀mù, gíláàsì lásán | 1 |
| W4 | Ilé ìwẹ̀ méjì, ilé ìyàgbẹ́, ìkẹ́rùsí | 600 × 600 | Alumíníọ̀mù, gíláàsì tí kò jẹ́ ká rí inú | 4 |

Ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń wọ̀n

Orí òpó kẹta nínú àtẹ yìí ló ṣe pàtàkì jù. Wọn kò kọ "ìwọ̀n ilẹ̀kùn" síbẹ̀. "Ihò búlọ́ọ̀kù" ni wọ́n kọ, ìyẹn àyè tí bíríkìlà dá sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé férémù dé, kí wọ́n sì tó rẹ́ ògiri. Ìwọ̀n mẹ́ta ló wà lára ilẹ̀kùn kan ṣoṣo: ìwọ̀n ihò, ìwọ̀n férémù, àti ìwọ̀n pátákó ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, èyí tó ń ṣí tó sì ń tì.

D3 á fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Ihò náà fẹ̀ ní 900. Kí férémù lè wọlé kí wọ́n sì lè tò ó gún, ó yẹ kí àlàfo 10 wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà férémù fẹ̀ ní 880 láti ìta dé ìta. Igi férémù nípọn ní 50 lọ́tùn-ún àti lósì, àyè tó kù láàárín igi méjèèjì sì jẹ́ 780. Kápẹ́ńtà á gbẹ́ ojú igi náà wọlé ní 12 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan kí pátákó ilẹ̀kùn lè rí ibi jókòó sí, èyí tó sọ àyè pátákó di 804. Bí wọ́n bá yọ àlàfo 3 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ilẹ̀kùn má baà há, pátákó náà á fẹ̀ ní 798. Ní kúkúrú, ihò 900 ń gba pátákó ilẹ̀kùn 800.

Bí oníṣòwò bá ka 900 yẹn sí ìwọ̀n pátákó, ó máa gbé ilẹ̀kùn tí kò lè wọ ihò náà wá. Bí bíríkìlà bá sì ka 800 tí wọ́n kọ fún pátákó sí ìwọ̀n ihò, àyè tó máa kù láàárín férémù kò ní ju 680 lọ. Ìṣirò yìí tún ń ran ayàwòrán lọ́wọ́ láti mọ̀ bóyá ihò tó fà lórí pílánì tó. Àyè 780 yẹn á tún dín díẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, nítorí nípọn pátákó fúnra rẹ̀ ń gba àyè. Bí ẹnì kan nínú ilé bá ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn, tó sì nílò nǹkan bí 800 kó tó lè kọjá láìsí wàhálà, ihò 900 kò ní tó, ó yẹ kó di 1000.

Ti ilẹ̀kùn irin aláàbò yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé wọ́n ti ṣe é tán pẹ̀lú férémù rẹ̀ kó tó dé ọjà. Ìwọ̀n rẹ̀ kì í ṣe ohun tí kápẹ́ńtà lè yí padà níbi iṣẹ́. Ó yẹ kí wọ́n ti yan ilẹ̀kùn náà, kí wọ́n sì ti mọ fífẹ̀ férémù rẹ̀ láti ìta dé ìta, kí wọ́n tó kọ ìwọ̀n ihò D1. Bákan náà, ẹsẹ̀ bàtà ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ṣì fi ń sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 4 jẹ́ mìlímítà 1219, ẹsẹ̀ bàtà 7 sì jẹ́ 2134. Ilẹ̀kùn tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 7 gan-an kò lè wọ ihò 1200 sí 2100, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ọjà ka méjèèjì sí ọ̀kan náà.

Ní ti fèrèsé, rírẹ́ ògiri ló ń yí ìwọ̀n padà. Ihò W2 fẹ̀ ní 1200 nígbà tó ṣì jẹ́ búlọ́ọ̀kù. Bí wọ́n bá fi sìmẹ́ńtì tó nípọn ní 15 rẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó ti di 1170. Férémù alumíníọ̀mù tí wọ́n gé sí 1200 láti inú àtẹ kò ní wọlé mọ́. Ńṣe ni wọ́n máa ń fi ṣísẹ́ẹ̀lì gé etí ògiri tó ti gbẹ kó lè wọlé, omi òjò á sì rí ojú ibẹ̀ gbà wọlé nígbà tó bá yá. Nítorí náà, àtẹ tó dára máa ń ní àkíyèsí kan lábẹ́ rẹ̀: ihò búlọ́ọ̀kù ni ìwọ̀n tí wọ́n kọ, kí oníṣẹ́ alumíníọ̀mù wá wọn ihò kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rẹ́ ògiri, kó tó gé ohunkóhun.

Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gíga

Gíga náà ní ìbéèrè tirẹ̀: láti orí ilẹ̀ wo? Ilẹ̀ méjì ló wà nínú ilé kan. Àkọ́kọ́ ni ilẹ̀ kọnkéré tí bíríkìlà dúró lé nígbà tó ń mọ ògiri. Èkejì ni ilẹ̀ tí onílé máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, tí wọ́n sì ti lẹ táìsì mọ́ ọn. Àfikún yìí lè tó 60.

Bí àtẹ bá sọ pé ihò ga ní 2100, tí kò sì sọ ilẹ̀ tó ń tọ́ka sí, orí kọnkéré ni bíríkìlà máa ti wọ̀n ọ́n, nítorí òun nìkan ló wà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn tí táìsì bá dé, 2040 ló kù. Kápẹ́ńtà tó ti ra ilẹ̀kùn tẹ́lẹ̀ máa gé ìdí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn tí inú rẹ̀ ṣófo ni, igi díẹ̀ tó yí etí rẹ̀ po nìkan ló dì í mú, gígé 60 kúrò nídìí rẹ̀ sì lè mú igi náà kúrò pátápátá. Inú ilẹ̀kùn náà á wá la ẹnu sílẹ̀, omi tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ á sì máa wọ̀ ọ́.

Ojútùú rẹ̀ ni pé kí àkíyèsí kejì wà lábẹ́ àtẹ: láti orí táìsì ni wọ́n ti wọn gbogbo gíga, abẹ́ líntẹ̀lì wà ní 2160 sókè láti orí kọnkéré. Nígbà náà, bíríkìlà kò ní láti ṣírò ohunkóhun. Nọ́ńbà tó wúlò fún un ti wà níbẹ̀.

Gíga fèrèsé ń tẹ̀ lé ti ilẹ̀kùn. Nínú ilé bí èyí, wọ́n máa ń jẹ́ kí orí gbogbo fèrèsé bá orí ilẹ̀kùn dọ́gba ní 2100, kí líntẹ̀lì lè wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Nípa bẹ́ẹ̀, gíga fèrèsé ló ń sọ ibi tí ìdí rẹ̀ máa wà. W1 àti W2 ga ní 1200, ìdí wọn sì wà ní 900 láti ilẹ̀. W4 ga ní 600, ìdí rẹ̀ sì wà ní 1500, ó ga tó kí ẹni tó ń kọjá má lè yọjú wo ẹni tó ń wẹ̀. W3 ni wọ́n dín gíga rẹ̀ kù sí 900 nítorí tábìlì ìdáná. Tábìlì náà sábà máa ń ga tó 850 sí 900. Bó bá jẹ́ pé 1200 ni fèrèsé náà ga, ìdí rẹ̀ ì bá wà ní 900, kò sì ní sí àyè fún ẹnu omi àti táìsì tó ń dáàbò bo ògiri lọ́wọ́ omi àti epo. Ní báyìí, ìdí rẹ̀ wà ní 1200, àyè 300 sì wà lókè tábìlì. Kí òpó kan wà nínú àtẹ fún gíga ìdí fèrèsé, kó má ṣe jẹ́ ohun tí oníṣẹ́ máa fojú díwọ̀n.

Bí ó ṣe ń ṣí

Ọ̀nà tí fèrèsé ń gbà ṣí kan atẹ́gùn tó máa wọlé. Èyí tí à ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ méjì, kò lè ṣí ju ìdajì lọ, nítorí gíláàsì kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn èkejì. Nínú W2, ojú ihò jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 1.44, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kò ní rí ju nǹkan bí 0.72 gbà. Èyí tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń pè ní késímẹ́ńtì, ń fún atẹ́gùn ní ojú ihò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àbùkù tirẹ̀ ni pé kò dára lójú ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà kọjá, nítorí etí rẹ̀ lè gbá ni lórí. Irin adènà-olè gbọ́dọ̀ bá ọ̀nà ìṣí náà mu: bí fèrèsé bá ń ṣí síta, inú ni irin máa wà. Ó sì yẹ kí àtẹ sọ pé irin ojú fèrèsé kan, ó kéré tán, nínú yàrá ìsùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí láti inú, kí àwọn tó ń sùn níbẹ̀ lè rí ọ̀nà jáde bí iná bá dí ẹnu ọ̀nà.

Ní ti ilẹ̀kùn, ọwọ́ tí ìńjìsì wà ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ. Nítorí pé ọ̀tún ẹni tó wà nínú yàrá ni òsì ẹni tó wà níta, kí àkíyèsí kẹta sọ ibi tí ènìyàn máa dúró sí: kó dúró síhà tí ilẹ̀kùn ń ṣí bọ̀, níbi tó ti máa fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bí ìńjìsì bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ilẹ̀kùn ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni. Ohun tí wọ́n kọ gbọ́dọ̀ bá ìlà yíyípo tó wà lórí pílánì mu, àti àwòrán iná mànàmáná pẹ̀lú. Níbi tí wọn kò bá ti fi wọ́n wé ara wọn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tó ṣí ni wọ́n ti máa ń bá bọ́tìnnì iná yàrá.

Yíyẹ àtẹ wò

Ẹlòmíràn tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ àtẹ ló yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ojú ẹni tó kọ ọ́ máa ń fo ohun tó ti gbàgbé. Kó má ṣe ka àtẹ. Pílánì ni kó kà, kó sì fi pẹ́ńsù sàmì sí ihò kọ̀ọ̀kan bó ti ń kà á. Nínú ilé yìí, ilẹ̀kùn 10, ẹnu ọ̀nà gbayawu 1 àti fèrèsé 14 ló wà, àpapọ̀ wọn jẹ́ 25. Lẹ́yìn náà, kó yẹ àwòrán ojú ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. D1, D2 àti gbogbo fèrèsé nìkan ló lè hàn níta, nítorí náà ihò 16 ló gbọ́dọ̀ rí níbẹ̀. Mẹ́sàn-án tó kù wà nínú ilé. Bó bá rí 15 lójú ilé, fèrèsé kan ti sọnù láàárín pílánì àti àwòrán náà.

Àyẹ̀wò kẹta wà fún owó. Ojú ihò fèrèsé W1 méjèèjì jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 4.32, ti W2 méje jẹ́ 10.08, ti W3 jẹ́ 1.08, ti W4 mẹ́rin jẹ́ 1.44. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 16.92. Bí oníṣẹ́ alumíníọ̀mù bá mú ìwé owó tó fi mítà onígun mẹ́rin ṣírò wá, tí àpapọ̀ tirẹ̀ sì ju èyí lọ, ó ti ka fèrèsé kan lẹ́ẹ̀mejì tàbí ó ti yí ìwọ̀n kan padà. Bí tirẹ̀ bá fi díẹ̀ kéré, ó lè jẹ́ pé ihò tí wọ́n ti rẹ́ ló wọ̀n.

Sọ́fítíwíà bíi Revit àti ArchiCAD lè fúnra wọn fa àtẹ jáde láti inú àwòrán, kíkà wọn kì í sì í tàsé. Ṣùgbọ́n ohun tí ayàwòrán fi síbẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀. Bó bá gbé ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ sí ẹnu yàrá ìkẹ́rùsí, sọ́fítíwíà náà á kà á mọ́ D4 láìbéèrè. Bí wọn kò bá sì tò ó dáadáa, ìwọ̀n pátákó ló lè gbé síbi tó yẹ kí ìwọ̀n ihò wà. Kíkà nìkan ni ó mú kúrò lọ́rùn ẹni tó ń ṣe àtẹ.

Níkẹyìn, àtẹ gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ àti lẹ́tà àtúnṣe, èyí tó bá ti pílánì mu. Bí onílé bá ní kí wọ́n sọ fèrèsé pálọ̀ kan di ilẹ̀kùn, pílánì, àwòrán ojú ilé àti àtẹ ni wọ́n gbọ́dọ̀ tún ṣe pa pọ̀, kí wọ́n sì gba ẹ̀dà àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́. Àmì tí wọ́n bá yọ kúrò, kí wọ́n má ṣe fún ihò mìíràn, nítorí ẹni tí ẹ̀dà àtijọ́ bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ máa fi ìwọ̀n àtijọ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ orúkọ tuntun.